Owó Ti Kúrò ní Báńkì, Tókìn Ò Dé: Bí Ẹ Ó Ṣe Tọpa Owó Iná Yín

Mo ń ta tókìn iná ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin. Tábìlì kan, fóònù méjì àti ẹ̀rọ POS kan ni gbogbo ọjà mi, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó tún yà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ti yọ owó mi, mi ò rí tókìn.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rà á lọ́wọ́ mi. Orí fóònù ara wọn ni wọ́n ti rà á, wọ́n kàn gbà pé ẹni tó ń ta iná lójoojúmọ́ á mọ ibi tó há sí.

Ọ̀nà tí mo ń gbà wá a ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìbéèrè kan ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: ǹjẹ́ tókìn yẹn ti jáde lórí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ iná, àbí kò tíì jáde? Bó bá ti jáde, tókìn ni kí ẹ máa béèrè. Bí kò bá jáde, owó yín ni ẹ ó gbà padà. Ẹni tí kò mọ èyí tí yóò béèrè nínú méjèèjì ni wọ́n máa ń gbá kiri bíi bọ́ọ̀lù: báńkì á ní kó lọ bá ẹni tó tà á, ẹni tó tà á á ní kó lọ bá iléeṣẹ́ iná, iléeṣẹ́ iná á ní kó padà sí báńkì.

Ọ̀nà tí owó ń gbà lọ, tí tókìn ń gbà bọ̀

Nígbà tí ẹ bá ra iná lórí fóònù, owó yín kì í lọ tààrà sí iléeṣẹ́ iná. Ó máa ń kúrò ní báńkì yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni áàpù tí ẹ lò. Onítọ̀hún ti ní owó tirẹ̀ nílẹ̀ tó fi ń ra ọjà, yálà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ alágbàtà ńlá kan tó wà láàárín. Á fi nọ́ńbà mítà yín àti iye tí ẹ san ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ iná. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, IBEDC ni iléeṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ wọn ló ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà 20 tí à ń pè ní tókìn, ó sì máa ń dá a padà gba ọ̀nà tí ìbéèrè gbà wá, títí yóò fi dé ojú fóònù yín.

Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti lè já lójú ọ̀nà yìí. Ó lè jẹ́ pé owó kúrò lọ́wọ́ yín ṣùgbọ́n kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ń tà. Ó lè jẹ́ pé owó dé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò dé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ iná. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: owó dé, ìbéèrè dé, tókìn jáde, ṣùgbọ́n èsì já sọnù nígbà tó ń bọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ lọ ra epo, tó rà á tán, tí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e bọ̀ wá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Epo yín wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ bá lọ bá elépo pé kó dá owó padà, kò ní dá yín lóhùn, torí lóòótọ́ ló ti ta ọjà.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa nọ́ńbà 20 yẹn: mítà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Mítà mìíràn kò ní gbà á, ìbáà jẹ́ ti yàrá kejì nínú ilé kan náà. Nítorí náà, tókìn yín tó há sójú ọ̀nà kò lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Ó wà níbẹ̀, ó ń dúró dè yín.

Ẹ má tètè rà á lẹ́ẹ̀kejì

Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ èèyàn máa ń yá sí ni kó tún tẹ bọ́tìnnì náà. Ẹ ní sùúrù. Bí áàpù bá kọ `Pending`, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tà ṣì ń retí èsì, kò tíì mọ̀ bóyá ó jáde tàbí kò jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó máa ń yanjú ara rẹ̀. Èmi máa ń ní kí èèyàn fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Bí ẹ bá tún san iye kan náà lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú: owó méjì, iye kan náà, mítà kan náà, ọjọ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá wá jáde, ẹni tó ń bá yín wò ó lè rò pé òun ni ẹ ń wá, kó sì pa ẹjọ́ yín dé.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí kò ṣeé dúró. Ẹja wà nínú fírísà, tàbí oògùn tó gbọ́dọ̀ tutù wà nílé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra díẹ̀ níbòmíràn, kí iye rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ẹ bá ti san 5,000, ẹ ra 1,000. Ìyàtọ̀ iye yẹn ni a ó fi dá wọn mọ̀ lọ́la. Ẹ má bẹ̀rù pé tókìn kejì yóò ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Bí tókìn àkọ́kọ́ bá dé lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, mítà ṣì máa gbà á, ìyẹn bí wọn kò bá ti yí kọ́kọ́rọ́ mítà náà padà láàárín. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ọwọ́ mú, nọ́ńbà àṣírí inú mítà ni, òun ló fi ń dá tókìn tirẹ̀ mọ̀.

Ẹ wá a nílé ná

Ẹ kọ́kọ́ lọ síwájú mítà kí ẹ wo yúníìtì tó ṣẹ́ kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo bá èèyàn wá tókìn títí, tí a wá rí i pé ọmọ ilé ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà lórí fóònù, ó ti tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù tí ẹ fi rà á, ẹ lọ síbi tí wọ́n ń to gbogbo ìsanwó yín sí, kí ẹ tẹ èyí tó jẹ́ ti iná. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń gbé tókìn sínú rísíìtì níbẹ̀, kódà bí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá dé. Ẹ wo ìméèlì yín pẹ̀lú, títí kan ibi tí ìméèlì tí a kò fẹ́ máa ń bọ́ sí.

Ẹ wá wo nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi sí i nígbà tí ẹ ń rà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í fi dandan wá sórí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà tí áàpù ti fi pamọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló máa ń lò, ìyẹn sì lè jẹ́ ti ọmọ tó bá yín ṣí i, tó ti wà l'Ékòó báyìí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti dí ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó mọ́ fóònù yín, ìyẹn náà lè dá tókìn dúró. Ẹ fi ọ̀rọ̀ `STATUS` ránṣẹ́ sí 2442, wọn á sọ fún yín bóyá ẹ ti dí i.

Níkẹyìn, ẹ fi nọ́ńbà mítà tó wà nínú rísíìtì wé èyí tí wọ́n kọ sára mítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, tókìn ti jáde lórúkọ ẹlòmíràn. Èyí ni èyí tó ṣòro jù lọ, torí bí tókìn bá ti jáde, ṣàṣà ni ẹni tó lè dá a padà. Nítorí ẹ̀ ni áàpù ṣe máa ń gbé orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni mítà jáde kó tó gba owó. Ẹ máa kà á.

Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú dání

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù lọ nìyí. Èèyàn á ya àwòrán aléètì báńkì, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta iná, á ní “ẹ wò ó, ẹ ti gba owó mi”. Aléètì yẹn fi hàn pé owó kúrò lọ́dọ̀ yín ni, kò fi ibi tó dé hàn. Ẹni tó ń tà kò lè fi wá nǹkan kan nínú ìwé tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe san owó ló máa sọ nọ́ńbà tí ẹ ó wá. Bó bá jẹ́ pé áàpù gbé nọ́ńbà àkáǹtì kan jáde tí ẹ sì fi owó ránṣẹ́ sí i, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní `Session ID` ni. Ó máa ń wà nínú rísíìtì tí báńkì yín ń gbé jáde fún owó tí a fi ránṣẹ́, kì í sí nínú aléètì. Nọ́ńbà 30 ni, ẹ sì lè fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun gan-an ni, torí ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí mo fi X dípò àwọn tó kù:

```
XXXXXX250308204712XXXXXXXXXXXX
```

Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí báńkì tí owó ti kúrò. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá: 25 ni ọdún 2025, 03 ni oṣù Kẹta, 08 ni ọjọ́ kẹjọ, 20:47:12 ni aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Bí ọjọ́ inú rẹ̀ kò bá bá ọjọ́ tí ẹ sanwó mu, rísíìtì mìíràn lẹ dì mú.

Bó bá jẹ́ káàdì báńkì ni ẹ fi san án, yálà lórí áàpù tàbí lórí POS, nọ́ńbà 12 tí wọ́n kọ `RRN` sí níwájú ni ẹ nílò. Bó bá sì jẹ́ pé inú áàpù báńkì yín gan-an ni ẹ ti ra iná, níbi tí wọ́n ti ń san owó oríṣiríṣi, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ `Reference` tàbí `Transaction ID` sí. Nígbà mìíràn, méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan ti báńkì, ọ̀kan ti ẹni tó ń bá báńkì ta iná. Ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ pa nọ́ńbà mítà, iye owó gan-an, ọjọ́ àti aago pọ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú kí wọ́n tẹ nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí wọ́n má kàn fi àwòrán nìkan ránṣẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì yóò dà á kọ láti inú àwòrán, bó bá sì ṣi ẹyọ kan kọ nínú 30, á ní òun kò rí owó yín, òótọ́ ló sì sọ.

Ẹni tó gba owó yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá

Ẹni tí ẹ fún lówó ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí, ìyẹn ẹni tó ni áàpù tàbí ojú òpó tí ẹ ti rà á. Iléeṣẹ́ iná kò mọ̀ yín mọ́ owó tó ṣì wà lọ́wọ́ alágbàtà. Ohun tí ẹ ó kọ kò ju báyìí lọ: “Ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, mo san iye báyìí fún mítà nọ́ńbà báyìí. Nọ́ńbà ìsanwó mi nìyí. Mi ò rí tókìn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná bóyá tókìn ti jáde. Bó bá ti jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá jáde, ẹ dá owó mi padà.”

Gbólóhùn “ẹ bá mi wò ó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná” ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwa tí ń ta iná, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n sábà máa ń kọ `Requery` sí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà ìsanwó àtijọ́ náà béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná pé, “Èyí tí mo béèrè lọ́jọ́ sí, kí ló ti dà?” Kò ní yọ owó tuntun. Bí tókìn bá ti jáde tó sọnù lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti máa yọjú. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn lè má tẹ̀ ẹ́. Á kàn wo `Pending` lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, á ní kí ẹ máa dúró. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé kó tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá pè lọ́la tí ẹlòmíràn gbé e, nọ́ńbà yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ti Àlàájà ní Gáà Akánbí

Àlàájà kan ní Gáà Akánbí ń ta ẹja dídì. Alẹ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 2025, yúníìtì tó kù lórí mítà rẹ̀ jẹ́ 1.6. Ó ṣí áàpù kan tó fi ń ra iná, ó kọ 5,000, áàpù gbé nọ́ńbà àkáǹtì jáde, ó fi owó ránṣẹ́ láti báńkì rẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Aléètì wọlé lójú ẹsẹ̀. Áàpù kọ `Pending`. Títí di ọ̀gànjọ́ òru, kò yí padà.

Láàárọ̀ Sunday, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó tẹ́ tábìlì tán. Ó na fóònù sí mi.

“Ọmọ mi, báńkì ní owó ti lọ. Àwọn tó ni áàpù ní àwọn ò rí i. Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́?”

Mo ní, “Àlàájà, ẹ káàárọ̀ mà. Àwọn méjèèjì lè má purọ́. Kí lẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni áàpù?”

Ó fi hàn mí. Àwòrán aléètì báńkì ni. Kò sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi wá nǹkan. Mo kọ́kọ́ ta 1,000 fún un kí fírísà má bàa kú, ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago pé kó tẹ tókìn náà sínú mítà. Lẹ́yìn náà la wá jókòó.

A wọ áàpù báńkì rẹ̀, a tẹ owó tó fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé, a gbé rísíìtì rẹ̀ jáde. `Session ID` wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà kékeré. Mo wo àárín rẹ̀: 250308204712. Ọjọ́ rẹ̀ pé, aago rẹ̀ pé. Mo ní kó dà á kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, a sì kà á papọ̀ lẹ́ẹ̀mejì títí ó fi pé 30. Ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mítà àti iye owó.

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n dáhùn pé àwọn ti rí owó náà báyìí, àwọn yóò dá 5,000 padà sínú wálẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Inú Àlàájà dùn, ó fẹ́ kọ “ẹ ṣé”. Mo ní kó dúró díẹ̀. Owó tó dé ọwọ́ wọn láti alẹ́ àná, tí áàpù ṣì ń kọ `Pending`, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè ti lọ. Bí wọ́n bá dá owó padà, tí wọ́n wá rí i lọ́la pé tókìn ti jáde, wọ́n á tún gba owó yẹn padà, àríyànjiyàn tuntun á bẹ̀rẹ̀. A kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wò ó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná ná.

Ìdáhùn tó tẹ̀ lé e kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà 20 ni. Tókìn náà ti jáde láti aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta lálẹ́ Sátidé, ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tó sanwó. Gbogbo òru tí kò fi sùn, tókìn rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ó dé ilé, ó tẹ̀ ẹ́, yúníìtì 68.4 wọlé. Ó mú rísíìtì oṣù tó kọjá jáde: 68.4 náà ni 5,000 fún un nígbà náà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ tí tókìn tó sọnù bá padà dé. Rísíìtì àtijọ́ ti iye kan náà ni yóò sọ fún yín bóyá ó pé. Ẹ rántí pé owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú ohun tí ẹ san: nínú 5,000, nǹkan bíi 349 náírà ló ń lọ síbẹ̀, 4,651 tó kù ni wọ́n fi ń ra yúníìtì. Bí gbèsè bá wà lórí mítà náà, wọ́n lè yọ nínú rẹ̀ pẹ̀lú; á hàn lórí rísíìtì.

Nígbà tí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná bá wúlò

Sunday ni ti Àlàájà, wọn kì í ṣí ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, tí ẹni tó tà á kò sì dáhùn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì IBEDC tó sún mọ́ yín pẹ̀lú nọ́ńbà mítà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn báńkì fún wọn. Ẹ kàn ní kí wọ́n bá yín wo iná tí wọ́n rà sórí mítà yìí ní ọjọ́ báyìí. Nọ́ńbà mítà ni wọ́n fi ń wá a, kò kan ẹni tí ẹ ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún tókìn náà tẹ̀ jáde fún yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn ńlá gbà: tókìn kò jáde. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gba owó, ẹ sọ ọjọ́ àti ọ́fíìsì tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò fún un, owó ni ẹ ń béèrè báyìí.

Bó bá di ọ̀rọ̀ owó

Ẹ fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn. Bó bá jẹ́ káàdì ni ẹ fi san án lórí áàpù tàbí POS, tí ìsanwó náà kò yọrí sí rere, báńkì yín ni ẹ ó bá. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ìyẹn CBN, ti pàṣẹ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72. Ẹ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí CBN ní `cpd@cbn.gov.ng`, kí nọ́ńbà ẹ̀sùn náà wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, tó sì wọlé síbẹ̀, báńkì yín ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò níbẹ̀. Ẹni tó gba owó ló jẹ yín ní gbèsè. Bó bá kọ̀ tí kò fún yín ní tókìn tí kò sì dá owó padà, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ni ẹ ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ni ẹ ti rà á, ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Ẹni tó rà á lọ́wọ́ oní-POS

Bó bá jẹ́ lọ́wọ́ irú èmi ni ẹ ti rà á, ẹ má kúrò níwájú tábìlì kí tókìn tó jáde. Bí kò bá jáde, ẹ ní kó ṣí wálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ jọ wò ó: ǹjẹ́ wọ́n ti yọ owó iná yẹn nínú rẹ̀? Bí wọn kò bá yọ ọ́, owó yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, kó kọ nọ́ńbà ìsanwó náà fún yín, kó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ náà ń wá a. Mo ti jókòó di aago mẹ́wàá alẹ́ rí nítorí 3,000 oníbàárà, torí mo mọ̀ pé ọmọ kékeré wà nílé wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń dúró de irú yín

Bí ẹ bá kọ ẹ̀sùn yín sí gbangba lórí ẹ̀rọ ayélujára, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi kàn sí yín pé òun ni òṣìṣẹ́ báńkì tàbí ti áàpù. Á ní kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì yín, PIN, tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín ránṣẹ́ kí owó lè padà. Kò sí èyí tí a fi ń wá tókìn nínú wọn. Nọ́ńbà mítà, nọ́ńbà ìsanwó, iye, ọjọ́ àti aago ti tó. Inú áàpù tàbí ẹ̀yìn káàdì yín ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà tí ẹ ó pè.

Bí tókìn bá dé tí mítà kọ̀ ọ́

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí mítà kọ `Used`, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sí i tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè nílé. Bó bá kọ `Reject`, ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn máa ka nọ́ńbà mẹ́rin mẹ́rin fún yín. Bó bá tún kọ̀ ọ́, ẹ wo nọ́ńbà mítà tó wà nínú rísíìtì. Bí ìyẹn náà bá pé, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mítà. Títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n fún gbogbo mítà irú èyí káàkiri ayé láti yí kọ́kọ́rọ́ wọn padà. Mítà tí kò tíì yí i, bíi ti ilé tí wọ́n tì pa láti ọjọ́ yẹn, kò ní gba tókìn owó tuntun kankan. Tókìn méjì mìíràn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan náà jẹ́ nọ́ńbà 20, ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ ní ìtẹ̀lé-ńtẹ̀lé kí tókìn owó yín tó wọlé. IBEDC ló ń fún ni, nọ́ńbà mítà nìkan ni ẹ ó mú lọ.